Kọ́sítọ́mà ní "Ẹ bá mi ṣe pírógíráàmù ìsìnkú, èló ni?": ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bá a ṣe ń bi wọ́n padà

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ àtàwọn tá a jọ ń ṣe dísáìn àti ìwé títẹ̀ máa ń bi mí ṣáá, mo wá kó wọn jọ síbì kan. Pírógíráàmù ìsìnkú ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀ torí òun ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé, òun náà sì ni wọ́n máa ń béèrè láìsọ nǹkan kan tó dájú.

Irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì wo la ń sọ gan-an?

Èyí tó máa ń wọlé láàárọ̀ kùtù tàbí lóru: "Ẹ káàárọ̀, ẹ bá mi ṣe pírógíráàmù ìsìnkú mámà wa, èló ni?" Ó parí síbẹ̀. Kò sí ọjọ́, kò sí iye kọ́pì, ẹ ò mọ̀ bóyá dísáìn nìkan ni wọ́n fẹ́ ni tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà míì fótò mámà kan ṣoṣo ló máa tẹ̀ lé e, kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣe nǹkan tó burú o. Ó lè jẹ́ pé òun ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, òkú ṣì wà ní móṣúárì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan ló ní kó lọ béèrè iye, gbogbo ohun tó mọ̀ náà ló kọ yẹn. Àwa la mọ ohun tó kù, àwa ló yẹ ká bi í.

Kí ló dé tí mi ò lè kàn dá iye kan, tá a bá wá débẹ̀ ká tún un sọ?

Torí pé iye àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá dá ni wọ́n máa sọ fáwọn ọmọ yòókù nínú ẹbí, orí ìyẹn ni wọ́n á sì máa dáwó. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di méjì ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ ló máa dà bí òpùrọ́ lójú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní kọ́pì 200 ni, kékeré, ìyẹn A5, ojú ìwé 8. Bébà A4 kan tá a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì á fún wa ní ojú ìwé A5 mẹ́rin, torí náà bébà méjì ló máa wọ ìwé kan, bébà 400 fún gbogbo ẹ̀. Tí ìwé kan náà bá di ojú ìwé 16, ó ti di bébà 800. Tí wọ́n bá tún ní A4 làwọn ń fẹ́, bébà 800 náà ni àmọ́ A3 ló máa jẹ́, tó tóbi ní ìlọ́po méjì. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan náà ni "pírógíráàmù kọ́pì 200" yẹn o, àmọ́ bébà tó wọ ti kékeré ojú ìwé 8 kò ju ìdámẹ́rin èyí tó wọ ti ńlá ojú ìwé 16 lọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ dá iye kan lé e láìbéèrè?

Kí ni mo máa kọ́kọ́ kọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè?

Ẹ kí wọn. Òkú ló kú fún wọn. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló lọ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn mámà á dára" ti tó. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, ẹ má kọ ìyẹn rárá, "ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú" lẹ máa sọ, tí ẹ ò bá sì mọ̀ bóyá ọ̀dọ́ ni tàbí àgbà, ẹ lo ti "ará fẹ́ra kù" torí kò sí ibi tí kì í bá mu.

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ohun tó yé yín nínú ọ̀rọ̀ wọn. "Ohun tó yé mi ni pé ẹ fẹ́ ká ṣe dísáìn ẹ̀, ká sì tẹ̀ ẹ́." Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ pé "rárá, a ti ní dísáìnà, títẹ̀ nìkan la fẹ́." Ìdajì ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè ti lọ nìyẹn. Ẹ wá sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ béèrè, ní ṣókí: kẹ́ ẹ lè dá iye tí ò ní yí padà fún wọn.

Àwọn ìbéèrè wo gan-an, báwo ni mo ṣe máa tò wọ́n?

Èyí témi máa ń fi ránṣẹ́ rèé, ẹ lè dà á kọ kẹ́ ẹ yí i bó ṣe bá yín mu:

> Ẹ káàsán mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn mámà á dára o. Ohun tó yé mi ni pé ẹ fẹ́ ká ṣe dísáìn pírógíráàmù ìsìnkú mámà ká sì tẹ̀ ẹ́. Kí n lè sọ iye tí ò ní yí padà fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dáhùn ìwọ̀nyí. Ẹ lè kàn kọ nọ́ńbà àti ìdáhùn, èyí tẹ́ ẹ ò bá tíì mọ̀, ẹ kọ "mi ò tíì mọ̀".
>
> *Èyí tó máa sọ iye owó*
> 1. Ọjọ́ wo lẹ máa kọ́kọ́ pín in (àìsùn ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì), ìlú wo la sì máa gbé e wá?
> 2. Kọ́pì mélòó?
> 3. Kékeré (bébà fótókọ́pì tá a ṣẹ́ sí méjì) tàbí ńlá (odindi bébà fótókọ́pì)? Kékeré lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe.
> 4. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló máa wà nínú ẹ̀: ètò àìsùn, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orin, ìtàn ìgbésí ayé mámà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, fótò?
>
> *Ohun tá a máa gbà lọ́wọ́ yín*
> 5. Ṣé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti wà nílẹ̀? Yorùbá ni, òyìnbó ni, àbí méjèèjì?
> 6. Fótò tó máa wà níwájú, ṣé inú fóònù ló wà àbí ti bébà?
>
> *Ẹni tó máa fọwọ́ sí i*
> 7. Ta ni ká máa fi iṣẹ́ hàn, tó máa sọ pé "ó ti dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́"?
> 8. Ṣé ẹ ní iye tẹ́ ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún un?

Ẹ wo bó ṣe tò. Ti owó ló ṣíwájú torí òun ni wọ́n béèrè, tí wọ́n bá sì dáhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ẹ ti lè dá iye. Ọ̀rọ̀ àti fótò tẹ̀ lé e torí ìyẹn máa ń gba àsìkò láti wá, ó yẹ kí wọ́n tètè mọ̀ pé wọ́n máa wá a. Iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni mo fi kẹ́yìn, torí tẹ́ ẹ bá fi ṣe àkọ́kọ́ wọ́n á rò pé àpò wọn lẹ fẹ́ mọ kẹ́ ẹ tó ṣán iye lé wọn lórí.

Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tàbí tó wà lọ́dọ̀ àlejò lè tẹ "1 Thursday, 2 igba, 3 kékeré" kó sì padà sídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ìbéèrè sínú gbólóhùn gígùn kan, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n á dáhùn.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè "ọjọ́ wo lẹ máa kọ́kọ́ pín in", tẹ́ ẹ ò kàn béèrè ọjọ́ ìsìnkú?

Torí pé ọjọ́ ìsìnkú kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n nílò ìwé. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ Jímọ̀ làwọn fẹ́ sin mámà, àìsùn máa jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ètò àìsùn bá sì wà nínú pírógíráàmù, Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló ti gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Tó bá jẹ́ pé Ṣómólú lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ tí ìsìnkú sì wà ní Iléṣà, ọ̀nà náà tún gba ọjọ́ kan, ó ti di Ọjọ́rú nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ ti di Ọjọ́rú, dísáìn, àyẹ̀wò, títẹ̀, ṣíṣẹ́, pínnì àti gígé ẹ̀gbẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti parí kí ìyẹn tó dé.

Tó bá jẹ́ ìdílé Mùsùlùmí ni, ẹ yí ìbéèrè yẹn padà. Wọ́n kì í dúró kí wọ́n tó sin òkú, fídáù ọjọ́ kẹjọ tàbí ti ogójì ọjọ́ ni ìwé náà máa wà fún, ètò inú ẹ̀ á sì yàtọ̀, kò ní sí orin, kò ní sí àìsùn. Ẹ má fi àwòkọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí Alhaji, ó máa dùn wọ́n.

Ìbéèrè mélòó ló tó, ìgbà wo ló pọ̀ jù?

Èmi ò kì í ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé mẹ́jọ ni òfin, àmọ́ bó ṣe hàn lójú fóònù láìpọ̀ jù nìyẹn.

Ọ̀nà tí mo fi ń yan èyí tó máa wọlé ni pé mo máa bi ara mi: tí ìdáhùn yìí bá yí padà, ṣé iye owó máa yí padà, tàbí ṣé ó jẹ́ nǹkan tí a ò lè tún ṣe mọ́ tá a bá ti tẹ̀ ẹ́? Tí kì í bá ṣe ìkankan nínú méjèèjì, ẹ yọ ọ́. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́, irú lẹ́tà wo, ṣé kí òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò, gbogbo ìyẹn ò kan iye, ó sì ṣeé yí padà títí dọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe ọ̀kan fún wọn, wọ́n á sọ bó bá wù wọ́n. Ó rọrùn féèyàn láti wo nǹkan kó sọ pé "mi ò fẹ́ pọ́pù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ búlúù" ju kó máa ronú àwọ̀ látinú òfìfo lọ.

Ṣé kí n béèrè irú bébà àti gíráàmù tí wọ́n fẹ́?

Rárá o. Èwo ni kọ́sítọ́mà mọ̀ nínú 115 gíráàmù àti 150 gíráàmù? Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, ojú á tì wọ́n láti sọ pé àwọn ò mọ̀, wọ́n á wá dákẹ́, ẹ̀yin náà á rò pé wọn ò ṣe mọ́.

Ẹ fi ohun tí wọ́n máa fojú rí tàbí fọwọ́ kàn bi wọ́n: "Ṣé kí kọ́fà ẹ̀ le bíi káàdì ìpè ìyàwó, àbí kó rí bíi bébà inú ẹ̀?" Tí wọ́n bá ní kó le, ẹ ti mọ̀ pé 250 tàbí 300 gíráàmù nìyẹn. "Ṣé kí ojú ẹ̀ máa dán tàbí kó máà dán?" Ẹ sì máa sọ èyí tẹ́ ẹ̀yin máa mú tó bá jẹ́ tiyín, torí ọ̀pọ̀ ò fẹ́ yan nǹkan, ẹni tó máa bá wọn yàn ni wọ́n ń wá. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan, èyí tó le ni màá lò, iye rẹ̀ sì wà nínú ohun tí mo dá", ẹ ti mú ìbéèrè kan kúrò lọ́rùn wọn.

Ti máṣíìnì náà, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹ̀, ẹ má bi wọ́n bóyá díjítà ni tàbí ófúsẹ́ẹ̀tì. Iye kọ́pì ló máa sọ fún yín. Ófúsẹ́ẹ̀tì máa gba pléètì mẹ́rin ó kéré tán, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú CMYK, owó pléètì yẹn ò sì yí padà bóyá kọ́pì 50 lẹ tẹ̀ àbí 2000, ìdí nìyẹn tí ìwé díẹ̀ fi ń wọ́n tá a bá gbé e síbẹ̀.

Wọn ò mọ ojú ìwé mélòó tó máa jẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ẹ má béèrè iye ojú ìwé rárá. Ẹ béèrè ohun tó máa wà nínú ẹ̀, bí mo ṣe ṣe é ní nọ́ńbà 4, kẹ́ ẹ wá kà á fúnra yín. Ká ní wọ́n dáhùn pé gbogbo ẹ̀ làwọn fẹ́, kékeré ni. Kọ́fà iwájú jẹ́ 1. Ètò àìsùn 2. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orin bíi mẹ́rin, tí wọ́n bá máa kọ gbogbo ẹsẹ ẹ̀ jáde, máa gbà tó 4. Ìtàn ìgbésí ayé mámà 2. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ 2. Fótò 2. Ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìwé 1. Ó di 14.

Àmọ́ ìwé 14 ò sí nínú ìwé tá a ń fi pínnì gún láàárín, torí bébà kọ̀ọ̀kan tá a ṣẹ́ máa mú ojú ìwé mẹ́rin wá, kò lè mú mẹ́ta tàbí méjì. Mẹ́rin-mẹ́rin ló máa ń lọ: 8, 12, 16, 20. Ó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún wọn báyìí pé: "Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́ ojú ìwé 14, 16 la máa ṣe, ṣé kí n fi fótò sí méjì tó kù, àbí ká dín in kù sí 12, ká kọ nọ́ńbà orin nìkan láìkọ ẹsẹ ẹ̀?" Èyí ni ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí iye méjì ló wà lórí ẹ̀, wọ́n sì lè yàn pẹ̀lú ojú tó là. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nọ́ńbà orin nìkan, ẹ rí i pé ẹ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́, ìwé orin Áńgílíkà ò bá ti Onítẹ̀bọmi tàbí Mẹ́tọ́díìsì dọ́gba, nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ orin ọ̀tọ̀.

Ti fótò ńkọ́? Ṣebí wọ́n á kàn fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Wásáàpù máa ń fún fótò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, fótò tó dán dáadáa lójú fóònù á wá ṣú tàbí kó fọ́ lórí bébà. Fótò tó máa kún kọ́fà A5 yẹ kó tó píkísẹ̀lì 1748 sí 2480 tá a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní 300 DPI. Ẹ má sọ nọ́ńbà yẹn fún kọ́sítọ́mà, ẹ kàn ní: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fótò, ẹ tẹ ibi tá a ti ń so nǹkan mọ́ mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ẹ yan Document, kẹ́ ẹ wá mú fótò náà níbẹ̀."

Tí wọ́n bá ní ti bébà ni, ẹ béèrè bó ṣe tóbi tó, ẹ sì ní kí wọ́n má fi fóònù ya fótò náà. Fótò pásípọ́ọ̀tù mámà tó jẹ́ mílímítà 35 sí 45, tá a bá fi 1200 DPI ṣe sikáànì ẹ̀, á lè tóbi di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn 140 sí 180, kò tó kún A5 pátápátá ṣùgbọ́n tá a bá fi férémù yí i ká ó máa dáa. Bó bá ti ya tàbí tí omi ti wọ̀ ọ́, sikáànì ò ní mú ohun tí ò sí níbẹ̀ wá, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó gba owó.

Kí ni mo máa béèrè nípa orúkọ àti ọjọ́ orí?

Ẹ má fi èyí sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san àsansílẹ̀. Àmọ́ ẹ má fò ó láéláé torí ìjà gidi ló máa ń dá sílẹ̀ nílé olókùú.

Ẹ ní kí ẹnì kan nínú ẹbí to orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe dàgbà sí, kó sì tẹ̀ ẹ́, kó má sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ béèrè oyè tó máa ṣíwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: Olóyè, Pásítọ̀, Alhaja, Ẹnjiníà, Ìyá Ìjọ. Ẹ béèrè bóyá àwọn ọmọ tó ti kú máa wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ àmì ohùn lórí orúkọ, torí tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà aláràbarà tá a fẹ́ràn ò ní ọ́ tàbí ẹ̀ nínú, á gbé àmì náà síbi tí ò yẹ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò ẹ̀, ẹ máa wá lẹ́tà míì.

Ti ọjọ́ orí, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 1938 sí 2025 tí wọ́n sì ní "ẹni ọdún 89", kò bá ara mu, 86 tàbí 87 ló lè jẹ́. Ẹ má tún un ṣe fúnra yín, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé: "Ọdún tẹ́ ẹ kọ mú 86 tàbí 87 wá, ẹ sì kọ 89, èwo ni ká lò?" Ó lè jẹ́ pé ọdún ìbí gan-an ni wọn ò mọ̀, wọ́n á wá pinnu láti yọ ọdún ìbí kúrò. Ìpinnu wọn nìyẹn.

Wọ́n fi àwòrán iṣẹ́ ẹlòmíì ránṣẹ́, wọ́n ní "ẹ ṣe bí eléyìí". Ṣé ìyẹn ò ti dáhùn gbogbo ẹ̀?

Kò dáhùn o. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lè má jẹ́ ohun tẹ́yin rí. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Kí ló wù yín nínú ẹ̀: àwọ̀ ẹ̀, bí fótò ṣe jókòó, bébà tó le, àbí bó ṣe tóbi?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ máa gbọ́ pé "bébà yẹn ni o, mo di èyí tí wọ́n ṣe níbi òkú bàbá ọ̀rẹ́ mi mú, ó le dáadáa." Dísáìn ò wù wọ́n rárá! Ẹni tí ò béèrè á ti lọ da dísáìn ẹlẹ́ni kọ, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó fẹ́lẹ́.

Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ tàbí wọ́n pè mí, wọn ò kọ nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì máa kọ ìdáhùn wọn sábẹ́ nọ́ńbà bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn: "Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín rèé: 1. Ọjọ́bọ̀, Iléṣà. 2. Kọ́pì 200. 3. Kékeré. 4. Ẹ ò tíì sọ ohun tó máa wà nínú ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè látòkè fẹ́ni tó ti fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ọ́ tán, ìwà àìgbọ́ ni, wọ́n á sì bínú. Àgbàlagbà tí ò kì í kàwé lórí fóònù, ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n bí ẹ ṣe tò ó, kẹ́ ẹ wá fi àkọsílẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn.

Wọ́n ní "ìbéèrè yín ti pọ̀ jù, ẹ ṣáà ṣe èyí tó bá dáa".

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì gba "èyí tó bá dáa" bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn yàn, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ yàn jáde: "Ó dáa mà. Màá ṣe kékeré, ojú ìwé 12, kọ́fà tó le, kọ́pì 100. Iye ẹ̀ rèé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín." Nígbà tí wọ́n bá rí 100 tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ń retí èrò púpọ̀, ẹnu wọn á là. Ọjọ́ nìkan lẹ ò lè bá wọn yàn.

Nínú mẹ́jọ, mẹ́ta ni wọ́n dáhùn. Ṣé kí n dúró?

Ó kù sí èyí tó ṣẹ́ kù. Tí ọjọ́, kọ́pì àti ohun inú ẹ̀ bá ti wà, ẹ dá iye, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò nípa ìyókù sábẹ́ ẹ̀ kedere, "iye yìí wà fún kékeré, tó bá jẹ́ ńlá, ó máa yí padà." Tó bá jẹ́ iye kọ́pì ni wọn ò mọ̀, ẹ dá iye fún 100, 200 àti 300, ọ̀pọ̀ ìgbà iye yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi pinnu. Ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú nọ́ńbà tó kù nìkan, ẹ má tún gbogbo mẹ́jọ fi ránṣẹ́.

Ẹni méjì nínú ẹbí ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń sanwó, èyí tó wà nílé ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Nọ́ńbà 7 ló wà fún èyí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í yọ ọ́. Tí wọ́n bá dá orúkọ méjì fún yín, ẹ tún un béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá dọ́gba, ti ta ni ká tẹ̀ lé?" Ó dà bí ẹni ń wá ìjà, àmọ́ ó sàn kí wọ́n jà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ju lálẹ́ àìsùn lọ.

Tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbèjà ẹnì kankan, ẹ má sì máa gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan lọ sọ fún èkejì. Ẹ kọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọn fi yàtọ̀ sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan náà fún àwọn méjèèjì: "Bọ̀dá ní orúkọ àwọn ìyàwó ilé máa wà níbẹ̀, Àǹtí ní kí ó má wà. Iṣẹ́ dúró síbí. A nílò ìdáhùn kan ṣoṣo kó tó di alẹ́ Ọjọ́ Ajé kó lè bá Ọjọ́bọ̀." Ẹ fi ọjọ́ sí i. Láìsí ọjọ́, wọ́n máa fi yín sílẹ̀ sáàárín.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i, a ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá ní orúkọ ẹnì kan ò sí níbẹ̀. Ta ló jẹ̀bi?

Ẹ padà lọ wo ìdáhùn wọn. Tí orúkọ náà bá wà nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ tẹ́yin sì fò ó, ẹ̀yin ló máa tún un tẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹni tí wọ́n dárúkọ ní nọ́ńbà 7 sì ti kọ "ó ti dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́", ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn hàn wọ́n jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe.

Tó bá jẹ́ ojú ìwé àárín gan-an ni orúkọ náà yẹ kó wà, ẹ lè yọ pínnì, kẹ́ ẹ tún bébà kan ṣoṣo yẹn tẹ̀, kẹ́ ẹ dá pínnì padà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títún gbogbo ẹ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ ojú ìwé míì ni, ẹ ránti pé bébà kan ló gbé ojú ìwé mẹ́rin, nínú ìwé 16, ojú ìwé 3 àti 14 wà lójú bébà kan náà, 4 àti 13 sì wà lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa tún tẹ̀. Ẹ dá iye ìyẹn fún wọn, kẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè kan: ṣé gbogbo kọ́pì 200 ni ká tún ṣe, àbí ti àwọn ẹbí àti àlejò pàtàkì nìkan?